Bébà Tí A Ṣẹ́ Po Ń Sọ Ìdí Tí Igun Onígun Mẹ́ta Fi Jẹ́ 180

Gbogbo ẹni tó ti jókòó ní kíláàsì ìṣirò rí ló mọ gbólóhùn yìí: bí a bá ro igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú onígun mẹ́ta pọ̀, 180 dígírì ni yóò jẹ́. Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ dà á kọ sínú ìwé, wọ́n sì fi yege ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba làwọn tó béèrè ìdí rẹ̀. Kí ló dé tí kì í fi í ṣe 170? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé onígun mẹ́ta náà ìbáà ga fíofío, ìbáà fẹ̀ pẹrẹsẹ, iye náà kì í yẹ̀?

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ tíṣà fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Wọn á ní kí ọmọ gé onígun mẹ́ta láti ara bébà, kó fa igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya, kó wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tò, etí wọn á sì di ìlà kan tó tọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti fà wọ́n ya, a kò mọ ọ̀nà tí ìkọ̀ọ̀kan gbà dé ibi tó dé mọ́. Bí a bá ṣẹ́ bébà náà po dípò kí a fà á ya, a ó rí ibi tí igun kọ̀ọ̀kan ti kúrò, a ó rí ibi tó balẹ̀ sí, ojú ìṣẹ́po tó wà láàárín méjèèjì á sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Irú ìṣẹ́po kan ṣoṣo, èyí tó rọrùn jù lọ, ló gbé gbogbo ẹ̀rí náà ró. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ òun dáadáa.

Àmì kan lórí àmì kejì

Ẹ mú ewé bébà kan, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì, tó gùn ní sẹ̀ntímítà 29.7 tó sì fẹ̀ ní 21. Ẹ fi báírò ṣe àmì méjì sí àárín rẹ̀, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ntímítà 16. Ẹ pe ọ̀kan ní K, kí ẹ pe èkejì ní L. Ẹ wá tẹ bébà náà wálẹ̀ kí K bọ́ sórí L gan-an. Ẹ gbé e síwájú fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ó rí àmì méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá ti di ọ̀kan, ẹ fi ìka kan di ibẹ̀ mú, kí ẹ fi èékánná ọwọ́ kejì fa ojú ìṣẹ́po náà láti àárín lọ sí etí méjèèjì. Ẹ tú u.

Ìlà kan ti wà níbẹ̀ báyìí tí ẹnikẹ́ni kò fi rúlà fà. Ó gba àárín gbùngbùn K àti L kọjá, sẹ̀ntímítà 8 níhìn-ín, sẹ̀ntímítà 8 lọ́hùn-ún. Ó sì dúró ṣánṣán lórí ọ̀nà tó ti K lọ sí L, kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì. Kọ́ńpáàsì la fi ń wá irú ìlà yìí ní ilé ìwé: a ó yí òbìrí kan láti K, a ó yí òmíràn láti L, a ó wá so ibi méjèèjì tí wọ́n ti gé ara wọn pọ̀. Télọ̀ tó fẹ́ mọ àárín aṣọ láì mú téèpù náà ń ṣe bíi tiwa: á fi etí kan lé èkejì lórí, á sì tẹ̀ ẹ́.

Kí ló mú kí ìlà náà rí bẹ́ẹ̀? Nígbà tí a ṣẹ́ bébà po, apá kan rẹ̀ ló rìn. Ojú ìṣẹ́po kò kúrò níbi tó wà. Ẹ mú ibi tó bá wù yín lójú ìṣẹ́po náà, kí a pè é ní M. M kò rìn, K ló rìn lọ bá L. Bébà kì í sì í nà, nítorí náà bí M ṣe jìnnà sí K tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe jìnnà sí L nígbà tí K balẹ̀ sórí rẹ̀. Ohun tí a sọ nípa M yìí kan gbogbo ibi tó wà lójú ìṣẹ́po: kò sí èyí tó sún mọ́ K ju L lọ.

Ti dídúró ṣánṣán ńkọ́? Níbi tí ojú ìṣẹ́po ti gé ìlà tó ti K lọ sí L, igun méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí a ṣẹ́ bébà po, ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀ pátápátá, kò kù síbì kan, kò sì lé. Wọ́n dọ́gba nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló sì jọ pín ìlà tó tọ́, tí í ṣe 180 dígírì. 90 ló kan ìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ lè fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò. Láti àárín K àti L, ẹ wọn sẹ̀ntímítà 6 lórí ojú ìṣẹ́po, kí ẹ sì fi àmì síbẹ̀. Ẹ wá wọn láti àmì yìí lọ sí K. Bí ojú ìṣẹ́po bá dúró ṣánṣán lóòótọ́, sẹ̀ntímítà 10 lẹ ó bá, nítorí pé 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36, 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 100, tí í ṣe 10 lọ́nà 10. Ẹ wọn ti L náà, 10 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí apá kan bá lé ní 10 tí apá kejì kò sì pé 10, ọwọ́ ti yẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣẹ́ ẹ po. Àṣìṣe kékeré kì í sì í ba iṣẹ́ jẹ́ tó bí a ṣe rò. Bí K bá fi mílímítà 2 kù kó dé ọ̀dọ̀ L, mílímítà 1 péré ni àárín tí ẹ rí yóò fi yẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ L ló bọ́ sí, pẹ̀lú mílímítà 2 kan náà, ìlà náà yóò fì díẹ̀, ṣùgbọ́n fífì náà kò ní tó dígírì kan.

Ìwé tó ti Madras jáde

Ní 1893, ọmọ Íńdíà kan tó ń jẹ́ T. Sundara Row tẹ ìwé jáde ní Madras, ìlú tí wọ́n ń pè ní Chennai lónìí. Jiọ́mẹ́tírì ló wà nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bébà tí a ṣẹ́ po ló sì fi ń ṣe é. Row sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lòun ti rí ìmọ̀ràn náà. Lára àwọn ohun ìṣeré tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ni àpò kan wà tó kún fún igba ewé bébà aláwọ̀ mèremère, tí àwọn ọmọ yóò máa ṣẹ́ po. Ètò ẹ̀kọ́ ọmọdé tí Friedrich Froebel dá sílẹ̀ ní Jámánì ní 1837 ni irú ìṣeré bẹ́ẹ̀ ti wá. Row wo ìṣeré ọmọdé yìí, ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ àgbà wà nínú rẹ̀. Felix Klein, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò ní Jámánì nígbà náà, mẹ́nu kan ìwé rẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀. Ibẹ̀ làwọn olùkọ́ méjì ní Amẹ́ríkà, Beman àti Smith, ti mọ̀ ọ́n, àwọn ló sì tún un ṣe tí wọ́n tún un tẹ̀ ní Chicago ní 1901.

Row kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bébà tí ẹ̀rọ ti gé etí rẹ̀ gún régé. Ègé bébà wọ́gọwọ̀gọ ló ní ká mú. Ká ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, ká gé e lójú ìṣẹ́po yẹn, a ti ní etí tó tọ́. Ká wá ṣẹ́ etí náà po sórí ara rẹ̀, kí apá ọ̀tún rẹ̀ máa bá apá òsì lọ ní déédéé. Ojú ìṣẹ́po kejì yìí yóò dúró ṣánṣán lórí etí náà. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀: igun méjì tó bo ara wọn mọ́lẹ̀ ló pín 180 sí ọgbọọgba. Ọ̀nà Row yìí la ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí onígun mẹ́ta.

Igun mẹ́ta pàdé lójú kan

Ẹ fa ìlà sẹ̀ntímítà 20 sórí bébà mìíràn, kí òpin òsì rẹ̀ jẹ́ B, kí òpin ọ̀tún jẹ́ D. Láti B, ẹ ka sẹ̀ntímítà 8 sápá ọ̀tún. Láti ibẹ̀, ẹ gòkè ṣánṣán ní sẹ̀ntímítà 12, kí ẹ fi àmì A síbẹ̀. Ẹ so A mọ́ B, ẹ so A mọ́ D, kí ẹ wá fi sísọ́ọ̀sì gé onígun mẹ́ta náà jáde. Bí ẹ bá ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn igun, ẹ ó rí i pé igun B tó nǹkan bí 56 dígírì, igun D jẹ́ 45, igun A sì tó nǹkan bí 79. Ẹ kọ lẹ́tà igun kọ̀ọ̀kan sí ojú bébà méjèèjì, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọjú sí wa nígbà tí a bá ṣẹ́ ẹ po.

Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, BD, po sórí ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí etí méjèèjì máa fò lé ara wọn, kí ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí ojú ìṣẹ́po yóò fi bọ́ sí ṣóńṣó A gan-an. Ẹ má tẹ gbogbo rẹ̀. Ìsàlẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún lẹ́ẹ̀kan, níbi tí ojú ìṣẹ́po ti kan BD, kí ẹ sì tú u. Ibẹ̀ ni a ó pè ní F. F ni ibi tó wà lábẹ́ A ṣánṣán, sẹ̀ntímítà 8 sí B, sẹ̀ntímítà 12 sí D.

Iṣẹ́ gan-an wá dé. Ẹ mú ṣóńṣó A, kí ẹ ṣẹ́ ẹ wálẹ̀ kó bọ́ sórí F. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ má tú u. Ojú ìṣẹ́po náà gé ẹ̀gbẹ́ AB níbì kan, ká pe ibẹ̀ ní G. Ó gé AD níbì kan, ká pe ibẹ̀ ní H. Ẹ mú igun B, ẹ ṣẹ́ òun náà po kó bọ́ sórí F. Ẹ mú igun D, kó bá wọn níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ni onígun mẹ́rin tó ṣe déédéé, tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 10 tó sì ga ní 6. Igun B, igun A àti igun D tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní F, A láàárín. Kò sí àlàfo láàárín wọn, ọ̀kan kò sì gun orí èkejì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kún etí ìsàlẹ̀, etí tó tọ́ ni, 180 dígírì.

Ẹ wo ohun tí a ṣe: ìgbà mẹ́ta, àmì kan lórí àmì kejì. A lórí F, B lórí F, D lórí F.

Kí ló dé tí kò sí àlàfo?

Àkọ́kọ́, níwọ̀n bí a ti fi A lé F lórí, ojú ìṣẹ́po GH gba àárín A àti F, ó sì dúró ṣánṣán lórí ọ̀nà tó ti A lọ sí F. BD náà dúró ṣánṣán lórí ọ̀nà yẹn. Ìyẹn ni pé GH àti BD ń bá ara wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn kò lè pàdé láé, sẹ̀ntímítà 6 ló sì wà láàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ wá gun ẹ̀gbẹ́ BA láti ìsàlẹ̀. Kí ẹ tó dé A, ẹ ó gòkè ní 12, ẹ ó sì sún sọ́tùn-ún ní 8. Bí ẹ bá dúró níbi tí ẹ ti gòkè ní 6 péré, ìyẹn ìdajì, ìdajì 8 náà lẹ ó ti sún, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ náà tọ́, kò tẹ̀ níbì kan. G nìyẹn: ó wà lókè ibi tó jìnnà sí B ní sẹ̀ntímítà 4. Ibo ni sẹ̀ntímítà 4 wà? Àárín B àti F gan-an. Nítorí náà nígbà tí a ṣẹ́ B po sórí F, ojú ìṣẹ́po rẹ̀ ti àárín yẹn gòkè ṣánṣán, ó sì lọ bá G lókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni H ṣe wà lókè àárín F àti D, ní sẹ̀ntímítà 14 sí B. Ojú ìṣẹ́po ti D yóò lọ bá a níbẹ̀.

G tipa bẹ́ẹ̀ wà lójú ìṣẹ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí A sọ̀ kalẹ̀, etí GA lọ sùn sórí ọ̀nà tó ti G lọ sí F. Nígbà tí B wá, etí GB náà lọ sùn sórí ọ̀nà kan náà. Etí méjì lórí ìlà kan: àlàfo kò lè wà láàárín igun A àti igun B. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ láàárín igun A àti igun D lórí ọ̀nà tó ti H lọ sí F. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé nínú àlàyé yìí, 8 àti 12 kò ṣe nǹkan kan tí nọ́ńbà mìíràn kò lè ṣe. Ìdajì òkè ní ìdajì ìbú, ohun tí a lò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí onígun mẹ́ta kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ yín fi lè sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Ìṣẹ́po tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan jẹ́ àpẹẹrẹ. Ìdí tí kò gbára lé nọ́ńbà ló sọ ọ́ di ẹ̀rí.

Ẹ tún fojú sí onígun mẹ́rin náà kí ẹ tó tú u. Ìlọ́po méjì ni bébà wà níbi gbogbo lára rẹ̀, kò sí ibi tó jẹ́ ẹyọ kan, kò sí ibi tó di mẹ́ta. 10 lọ́nà 6 jẹ́ 60. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 120. Ìwọ̀n gbogbo ojú onígun mẹ́ta náà nìyẹn, àwọn ọmọ ilé ìwé á sì rántí pé bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ni: ìdajì ìsàlẹ̀ lọ́nà gíga, 10 lọ́nà 12, 120.

Ibi tó ti ń dàrú

Ohun tó sábà máa ń da iṣẹ́ yìí rú ni yíyan ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan nínú igun onígun mẹ́ta bá ju 90 lọ, tí a sì fi ẹ̀gbẹ́ tó kan igun náà ṣe ìsàlẹ̀, ibi tó wà lábẹ́ ṣóńṣó ṣánṣán yóò bọ́ síta bébà, kò sì ní sí F tí igun lè balẹ̀ sí. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù ṣe ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo. Igun tó tóbi jù yóò wà lókè, F yóò sì wà láàárín ìsàlẹ̀ láìkùnà.

Bí igun B bá jẹ́ 90 gééré tí ẹ sì fi BD ṣe ìsàlẹ̀, F àti B di ọ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ìṣẹ́po méjì péré ló kù, A lórí B, D lórí B, àwọn igun méjì náà á sì kún inú igun B gẹ́gẹ́ láì ṣẹ́ kù. Ẹ ti rí i nìyẹn pé bí igun kan bá jẹ́ 90, àwọn méjì yòókù jọ jẹ́ 90.

Bí àlàfo bá wà láàárín igun méjì, tàbí tí ọ̀kan gun orí èkejì, ẹ kọ́kọ́ wo F. Ó ṣeé ṣe kí etí BD má bá ara rẹ̀ lọ déédéé nígbà tí ẹ ń wá a. Ẹ lè mọ̀ nípa wíwo GH: kí ẹ fi rúlà wọn bó ṣe jìnnà sí ìsàlẹ̀ ní apá òsì àti ní apá ọ̀tún. Bí iye méjèèjì bá yàtọ̀, F ti yẹ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba tí àlàfo sì tún wà, a jẹ́ pé B tàbí D ni kò balẹ̀ sórí F dáadáa. Bébà tó nípọn bíi páálí náà kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìpọn rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ lára ìwọ̀n níbi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ po. Ewé ìwé tí ọmọ fi ń kọ iṣẹ́ ilé ti tó.

Ojú tó tẹ́jú

Euclid, tó kọ ìwé jiọ́mẹ́tírì rẹ̀ ní Alẹkisáńdíríà ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, fi ọ̀rọ̀ igun onígun mẹ́ta yìí ṣe ìkejìlélọ́gbọ̀n nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò ṣẹ́ bébà po. Ìlà kan ló fà láti igun kan onígun mẹ́ta, tó ń bá ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igun náà rìn láì pàdé. Ìlà tiwa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ni GH. Láìsí ìlà méjì tó ń bá ara wọn rìn láì pàdé, kò sí 180.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i lórí àwòrán ayé róbótó tó máa ń wà lórí tábìlì tíṣà. Láti òpin àríwá ayé, ẹ fi ìka tọ ìlà kan sọ̀kalẹ̀ títí dé ìlà agbedeméjì ayé. Ẹ rìn lórí agbedeméjì náà títí ẹ ó fi rin ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, kí ẹ tún gòkè tààrà padà sí àríwá. Onígun mẹ́ta lẹ rìn yẹn, ṣùgbọ́n 90 ni ìkọ̀ọ̀kan nínú igun rẹ̀, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 270. Ẹ dúró ní agbedeméjì òkè rẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe fẹ̀ tó níbẹ̀: ó ju ìdajì ìsàlẹ̀ lọ dáadáa. Lórí bébà wa, GH jẹ́ 10 nígbà tí BD jẹ́ 20, ìdajì gééré. Lórí ayé róbótó, ìdajì òkè kì í mú ìdajì ìbú wá, igun mẹ́ta náà kò sì lè tò sórí ìlà tó tọ́. Ibi tí 180 ti wá gan-an ni pé ojú bébà tẹ́jú.